Kí Ló Ń Gbé Ohùn Lọ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Gẹ̀gẹ̀?

Láti ìgbà tí àwọn ìyá ọjà Ìgbọ̀nà ti mọ̀ pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ di dókítà ni mò ń kọ́ l'Óṣogbo níbí, mi ò tún lè ra èlùbọ́ ní ìrọ̀rùn mọ́. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi mí ṣáá: "Tísà, ṣé òótọ́ ni pé bí wọ́n bá ti gé gẹ̀gẹ̀, ohùn ti lọ nìyẹn?" Lọ́dún tó kọjá, wọ́n fi kún un pé ìyá kan tó ń tà ní ọ̀wọ́ kejì ti ṣe iṣẹ́ abẹ, ó sì dé pẹ̀lú ohùn bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àṣírí. Ẹnì kan ní dókítà ló gé ohùn náà mọ́ gẹ̀gẹ̀. Ẹlòmíràn ní rárá, ọ̀pá tí wọ́n kì bọ ọ̀fun ló bà á jẹ́. Ẹnìkẹta ní kí wọ́n wá ọwọ́ ayé lọ.

Èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí mo máa ń ṣe fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi. Mo tún un kọ fún ẹni tí kò dé kíláàsì wa rí. Ìyá tó ń tà ní ọ̀wọ́ kejì yẹn náà á padà wọ inú rẹ̀, nítorí wọ́n gbà kí n sọ ọ́ bí mi ò bá dárúkọ wọn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìka wa kọ́ ọ. Ẹ fi ìka kan sí iwájú ọrùn yín, ẹ fà á wá sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ àgbọ̀n. Ohun líle tó yọ síta, tó hàn jù lára ọkùnrin, ni kerekere tó bo gògóńgò níwájú bí asà. Tí ìka bá kúrò lórí rẹ̀, á bọ́ sínú kòtò kékeré kan tó rọ̀, lẹ́yìn náà á tún kan ohun líle mìíràn tó rí bí òrùka. Òrùka yìí ni àwọn oníṣègùn ń pè ní kíríkọ́ìdì. Òun ni ìpìlẹ̀ gògóńgò, abẹ́ rẹ̀ ni kòmóòkun, ìyẹn ọ̀nà èémí, ti bẹ̀rẹ̀. Táírọ́ìdì, ẹṣẹ́ tó ń wú di gẹ̀gẹ̀, ló di mọ́ iwájú kòmóòkun níbẹ̀ bí labalábá tó bà lé ẹ̀ka igi, ìyẹ́ kan lọ́tùn-ún, ìyẹ́ kan lósì.

Nísinsìnyí, ẹ gbé itọ́ mì. Gbogbo rẹ̀ lọ sókè, ó tún padà wá sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń fún ẹni tó ní kókó ọrùn ní ife omi, táá dúró sẹ́yìn rẹ̀ táá sì máa wò ó. Kókó tó bá bá omi gòkè jẹ́ ti táírọ́ìdì lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó ń mú un gòkè ni okùn ẹran líle kúkúrú kan tó so ẹ̀yìn ìyẹ́ táírọ́ìdì mọ́ òrùka kíríkọ́ìdì àti orí kòmóòkun. Okùn Bẹ́rì ni wọ́n ń pè é. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi máa ń gbàgbé rẹ̀ títí di ọjọ́ ìdánwò, ibẹ̀ sì ni ìyọnu pọ̀ sí jù.

Inú gògóńgò ni tán-án-ná wà, awẹ́ méjì tó dojú kọ ara wọn. Níwájú, awẹ́ méjèèjì pàdé ní ẹ̀yìn asà kerekere. Lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan so mọ́ kerekere kékeré kan tó jókòó lórí òrùka, tó ń yí síhìn-ín sọ́hùn-ún bí ilẹ̀kùn lórí ìdè rẹ̀. Bí a bá ń mí, àwọn kerekere yìí yí sóde, tán-án-ná yà, afẹ́fẹ́ kọjá. Bí a bá fẹ́ sọ̀rọ̀, wọ́n yí wọlé, awẹ́ méjèèjì pàdé, èémí tó ń bọ̀ láti ẹ̀dọ̀fóró sì ń mú wọn gbọ̀n. Ti ọkùnrin ń gbọ̀n tó nǹkan bí ìgbà 100 sí 130 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ti obìnrin ń lọ sí nǹkan bí 200.

Oríṣiríṣi ẹran ara kéékèèké ló ń ti ilẹ̀kùn yìí pa. Ṣùgbọ́n méjì péré, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ló ń ṣí i. Kò sí arọ́pò fún wọn. Mo máa ń tún gbólóhùn yìí sọ lẹ́ẹ̀mejì ní kíláàsì, torí òun ló ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè ní ohùn tó mọ́ketekete kó sì máa kú lọ nítorí èémí. A máa dé ibẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí onígángan mọ iṣẹ́ tó kù. Bó bá fún ọsán ìlù mọ́ ìhà, awọ fà, ohùn ròkè. Bó bá dẹ̀ ẹ́, ohùn rọlẹ̀. Ẹran kan wà níwájú gògóńgò, láàárín asà àti òrùka, tó ń fún ọsán yìí fún wa. Òun ló ń na tán-án-ná kí ohùn tó lè ròkè. Náàfù tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo ẹran yòókù, apá òkè táírọ́ìdì ló gbà wá, wọ́n sì lè ṣe é léṣe nígbà tí wọ́n bá ń di òpó ẹ̀jẹ̀ òkè. Ẹni tó bá fara pa níbẹ̀ á ṣì sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ohùn òkè á nira fún un. Fún àwa tí ohùn ń ya ọkọ́ sọ́tọ̀ lára ọkọ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ akọrin nìkan nìyẹn. Síbẹ̀ kì í ṣe náàfù yìí ni mo fẹ́ dúró lé lórí lónìí.

Náàfù, fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, ni okùn funfun tó ń gbé àṣẹ ọpọlọ lọ sí ara. Èyí tó ń pàṣẹ fún gbogbo ẹran tán-án-ná yòókù, àwọn tó ń ṣí àti àwọn tó ń pa, ni wọ́n ń pè ní rikọ́rẹ́ǹtì, ìyẹn ẹni tó lọ tó tún padà. Orúkọ náà rò ó. Ó bá náàfù ńlá kan tó ń jẹ́ féégọ́ọ̀sì jáde láti orí, ó sọ̀ kalẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọrùn, ó kọjá gògóńgò tó yẹ kó yà sí, ó wọ ìsàlẹ̀ lọ, kó tó wá pẹ̀yìn dà. Ti apá ọ̀tún lọ yí òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí apá ká ní ìpìlẹ̀ ọrùn. Ti apá òsì wọ inú àyà pátápátá, ó gba abẹ́ éọ́tà, òpó ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ tó jáde láti inú ọkàn, kó tó máa gòkè bọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan bi mí nígbà kan pé, ta ló ń gba Ìbàdàn lọ sí Ẹdẹ láti Òṣogbo? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú oyún. Nígbà tí ọmọ ṣì kéré nínú ìyá rẹ̀, ẹ̀bá ọrùn ni ọkàn àti àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wà, náàfù náà sì kọjá lábẹ́ wọn tààrà lọ sí gògóńgò. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà, ọkàn ń sọ̀ kalẹ̀ wọ àyà, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ yìí sì wọ́ náàfù náà mọ́ra lọ. Ti àgùnfọn ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù: mítà mẹ́rin àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ni náàfù náà ń rìn, nígbà tí ibi tó ti gbéra kò jìnnà sí ibi tó ń lọ.

Nítorí ìrìn yìí náà ni ohùn fi lè há lára ẹni tí wọn ò fi abẹ kan ọrùn rẹ̀ rí. Kókó inú àyà tàbí àrùn ẹ̀dọ̀fóró lápá òsì lè di náàfù náà mọ́lẹ̀. Bí ohùn bá há ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ láìsí òtútù, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo ọ̀fun, kí wọ́n má kàn máa fún yín ní oògùn ikọ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí ayé ti mọ iṣẹ́ náàfù yìí. Galen, oníṣègùn ọmọ Gíríìkì tó gbé ní Róòmù ní nǹkan bí 1,800 ọdún sẹ́yìn, de ẹlẹ́dẹ̀ mọ́lẹ̀ lójú àwùjọ. Ẹlẹ́dẹ̀ ń han gooro. Ó gé náàfù méjèèjì, ẹlẹ́dẹ̀ la ẹnu ṣùgbọ́n igbe ò jáde mọ́. Síbẹ̀, nígbà tí iṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní pẹrẹu, ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń pa àwọn ènìyàn, kò sẹ́ni tó ráyè ro ti ohùn. Theodor Kocher ní ìlú Bern, ní Siwisalandi, ló sọ iṣẹ́ náà di ohun tí ènìyàn ń là já, wọ́n sì fún un ní ẹ̀bùn Nobẹ́ẹ̀lì ní 1909. Lẹ́yìn rẹ̀, èrò ọ̀pọ̀ dókítà ni pé kí wọ́n jìnnà sí náàfù náà, kí wọ́n má tilẹ̀ wá a. Frank Lahey ní Amẹ́ríkà lòdì sí ìyẹn. Ní 1938, ó kọ ọ́ síta pé kí wọ́n wá a rí kí wọ́n tó gé ohunkóhun, nítorí ohun tí ojú bá rí ni ọwọ́ lè yàgò fún. Ohun tó sọ yẹn la ṣì ń tẹ̀lé.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ tíátà. Wọ́n ti fi oorun kun aláìsàn, wọ́n ti fi ọ̀pá rọ́bà sí ọ̀nà èémí rẹ̀. Wọ́n la awọ ọrùn gbọọrọ ní ìsàlẹ̀, wọ́n ya àwọn ẹran pẹlẹbẹ tó wà níwájú sọ́tọ̀, gẹ̀gẹ̀ yọjú. Wọ́n di òpó ẹ̀jẹ̀ òkè, wọ́n sì yí ìyẹ́ kan táírọ́ìdì sí ìhà àárín bí ẹní ń ṣí ojú ìwé. Abẹ́ ojú ìwé yẹn ni náàfù wà. Ó ń gòkè bọ̀ nínú kòtò tó wà láàárín kòmóòkun àti ọ̀nà oúnjẹ, ó funfun, ó ń dán díẹ̀, kò nípọn ju èédú inú pẹ́ńsùlù lọ, nǹkan bíi mìlímítà méjì. Òpó ẹ̀jẹ̀ kékeré kan tún ń pupa lórí rẹ̀ gbọọrọ, ìyẹn sì ni àmì tó dùn mọ́ mi jù láti fi han akẹ́kọ̀ọ́.

Ibi tí wọ́n ti máa ń kọ́kọ́ wá a ni ibi tó ti pàdé òpó ẹ̀jẹ̀ ìsàlẹ̀ tó ń bọ́ táírọ́ìdì. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà bí wọ́n ṣe máa pàdé. Lára ẹlòmíràn, náàfù gba ẹ̀yìn òpó ẹ̀jẹ̀ náà. Lára ẹlòmíràn, ó gba iwájú. Lára ẹlòmíràn, ó rá gba àárín àwọn ẹ̀ka rẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ ènìyàn pẹ̀lú, ó ti pín sí ẹ̀ka méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó wọ gògóńgò, ẹ̀ka iwájú ló sì máa ń gbé àṣẹ ìṣípòpadà. Ẹni tó bá rí ẹ̀ka ẹ̀yìn tó wá rò pé òun ti rí gbogbo rẹ̀ lè gé ohùn níwájú ara rẹ̀. Ẹnì kan tún wà, kò tó ẹnì kan nínú 100, tí náàfù apá ọ̀tún rẹ̀ kò rìnrìn àjò kankan rárá: tààrà ló yà láti ọrùn. Dókítà tó ń wá a nísàlẹ̀ á wá a tì, èyí tó sì ń gé lókè bí òpó ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ òun gan-an.

Lẹ́yìn ìpàdé yẹn ni náàfù wá dé ọ̀dọ̀ okùn Bẹ́rì. Sẹ̀ńtímítà méjì tó gbẹ̀yìn rèé, ibẹ̀ ni ọwọ́ dókítà ti ń dẹ̀ jù. Náàfù náà fara ti okùn yìí tímọ́tímọ́, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ìn-tín sì kún ibẹ̀. Bí ọ̀kan bá já, ẹ̀jẹ̀ á bo ojú ibẹ̀. Ẹni tí kò bá ní sùúrù á fi ẹ̀mú mú ohun tí kò rí, tàbí kó fi ẹ̀rọ iná jó o. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á fi òwú tẹ̀ ẹ́, á ka iye díẹ̀, á dúró. Iná gan-an ò ní láti kan náàfù kó tó ṣe é léṣe. Ooru tó rìn mìlímítà díẹ̀ tó láti sọ ọ́ di odi.

Àwọn ará ọjà rò pé gígé ló ń ṣẹlẹ̀. Ó ń ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló wọ́pọ̀ jù. Fífà ni. Láti yọ ìyẹ́ táírọ́ìdì jáde, ó di dandan kí wọ́n gbé e sókè sí ìhà àárín. Okùn Bẹ́rì ò sì fẹ́ tú, ó ń fa náàfù lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, náàfù náà á wá fà mọ́ etí rẹ̀ bí okùn tí wọ́n fà le. Ojú á ṣì rí i ní odidi, funfun báláú, kò já, kò jó, síbẹ̀ kò gbé àṣẹ mọ́. Ìdí nìyí tí dókítà tó jẹ́ olóòótọ́ fi lè búra fún mọ̀lẹ́bí pé òun rí náàfù náà, òun ò sì gé e, kí ohùn sì lọ síbẹ̀. Kì í ṣe irọ́ ló ń pa.

Gẹ̀gẹ̀ tó pẹ́ lára ló ń mú èyí burú sí i, irú rẹ̀ kò sì ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ènìyàn á gbé e fún ọdún mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí tí kò fi ní lè fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn mọ́. Gẹ̀gẹ̀ ńlá ń ti náàfù kúrò ní ààyè rẹ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń gbé e gẹṣin, á tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ sí ẹ̀yìn kókó bí ọ̀já, kó má jọ náàfù mọ́ lójú. Èyí tó bá ti sọ̀ kalẹ̀ sẹ́yìn eegun igbá àyà ń fẹ́ kí wọ́n fi ìka fà á jáde. Iṣẹ́ abẹ ẹlẹ́ẹ̀kejì ní ọrùn kan náà tún le jù, nítorí àpá ti lẹ gbogbo nǹkan pọ̀.

Lọ́wọ́ ẹni tó mọ iṣẹ́, nínú 100 tí wọ́n ṣe é fún, ẹnì kan tàbí méjì ni ohùn wọn kì í padà sípò mọ́. Àwọn tí tiwọn ń lọ tó ń padà pọ̀ ju ìyẹn lọ.

Ìyá wa ti ọ̀wọ́ kejì rèé. Ẹni ọdún 52 ni wọ́n, wọ́n ti gbé gẹ̀gẹ̀ fún ọdún 14. Apá méjèèjì ló wú, ti ọ̀tún ju ti òsì lọ. Kí iṣẹ́ abẹ tó wáyé, wọ́n ti kámẹ́rà tẹ́ẹ́rẹ́ gba imú wọn wo tán-án-ná, méjèèjì ń ṣí, ń pa. Mo dúpẹ́ fún ìyẹn, torí ìbátan mi kan ṣe iṣẹ́ abẹ yìí kan náà níbòmíràn tí wọn ò wo nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ohùn rẹ̀ lọ, kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá iṣẹ́ abẹ ló gbé e lọ tàbí gẹ̀gẹ̀ náà ti ń jẹ ẹ́ bọ̀ tẹ́lẹ̀. Apá kan tán-án-ná lè ti kú kí èkejì máa rin dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ohùn má sì yí padà.

Ọjọ́ tí ìyá náà jí, ohùn wọn jẹ́ èémí púpọ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní ọ̀pá ni. Ó ṣeé ṣe, ọ̀pá rọ́bà ń mú ọ̀fun dùn, ó ń mú ohùn há, ṣùgbọ́n ìyẹn máa ń lọ láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, nǹkan mẹ́ta ni dókítà wọn ṣe, ẹnikẹ́ni ló sì lè wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nílé. Ó ní kí wọ́n wúkọ́: ikọ́ náà jáde fẹ́ẹ́, kò dún bó ṣe yẹ kí ikọ́ àgbà dún. Ó fún wọn lómi: ó ta wọ́n lórí, nítorí tán-án-ná tí kò pa ò lè dènà omi. Ó ní kí wọ́n fa èémí sínú kí wọ́n máa ké "ááá" lọ títí èémí á fi tán, ó sì ń wo aago. Ẹni tí ara rẹ̀ yá á ṣe ìṣẹ́jú àáyá 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá ṣe 5. Ọ̀pá kì í fa ìyẹn. Wọ́n tún ti kámẹ́rà wọlé. Awẹ́ òsì ń lọ ń bọ̀, awẹ́ ọ̀tún dúró gbagidi nítòsí àárín. Nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n sọ "ééé", àyè kan ṣẹ́kù láàárín méjèèjì, ibẹ̀ ni èémí ń gbà sá lọ.

Kí ni ì bá ti ṣẹlẹ̀ ká ní awẹ́ méjèèjì ló dúró? Ibí ni gbólóhùn tí mo máa ń sọ lẹ́ẹ̀mejì ní kíláàsì ti wúlò. Tí náàfù méjèèjì bá dákẹ́, àwọn ẹran tó ń ṣí ilẹ̀kùn dákẹ́, awẹ́ méjèèjì á wà nítòsí ara wọn láàárín. Ohùn lè jáde dáadáa, nítorí wọ́n sún mọ́ra. Èémí ni kò ní ráyè wọlé. Bí wọ́n bá ti yọ ọ̀pá báyìí, aláìsàn á máa fa afẹ́fẹ́ pẹ̀lú ariwo bí fèrè, ìpìlẹ̀ ọrùn rẹ̀ á máa jìn wọlé, kò sì sí àsìkò láti jiyàn. Wọ́n gbọ́dọ̀ dá ọ̀pá padà, bí náàfù ò bá sì jí, kí wọ́n lu ihò sí kòmóòkun kó lè máa mí. Mo ti rí mọ̀lẹ́bí tó ń dúpẹ́ pé ohùn dún ketekete, nígbà tí nọ́ọ̀sì ń sáré pe dókítà. (Èémí tó nira pẹ̀lú ọrùn tó ń wú láàárín wákàtí 24 ọ̀tọ̀ ni. Ẹ̀jẹ̀ ló ń kó jọ síbẹ̀, orí bẹ́ẹ̀dì gan-an ni wọ́n ti ń já òwú ojú ọgbẹ́.)

Nítorí ewu yìí ni ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ náàfù ṣe wúlò. Wọ́n á lo ọ̀pá èémí tó ní wáyà níbi tó ti kan tán-án-ná. Dókítà á fi igi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí iná kékeré ń gbà kọjá kan náàfù, bí tán-án-ná bá gbọ̀n, ẹ̀rọ á dún. Dókítà tó ń fi oorun kunni gbọ́dọ̀ mọ̀ tẹ́lẹ̀, torí oògùn tó ń mú ẹran ara rọ, bó bá ṣì wà lára, á mú kí ẹ̀rọ dákẹ́ lórí náàfù tí kò ṣe nǹkan kan. Bí dídún bá dúró ní apá tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe, wọ́n á dẹwọ́ fífà, wọ́n á dúró bí ogún ìṣẹ́jú. Bí kò bá padà, àwọn tó gbọ́n ń ran ojú ibẹ̀ pa, wọ́n ń fi apá kejì sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Ó dára kí gẹ̀gẹ̀ ìdajì kù ju kí wọ́n lu ihò sí ọrùn lọ. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí ẹ̀rọ yẹn mọ̀ jù nìyẹn. Kò fi bẹ́ẹ̀ hàn gbangba pé ó ń dín àwọn tí ohùn wọn lọ títí láé kù, kì í sì í ṣe gbogbo tíátà ló ní in. Ojú tó mọ náàfù ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ yẹn.

Wọn ò ní ẹ̀rọ lọ́jọ́ ti ìyá. Wọ́n rí náàfù ọ̀tún ní odidi, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ sí ẹ̀yìn kókó, wọ́n ṣa á kúrò níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ odidi, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fífà nìkan ni, irú rẹ̀ sì máa ń jí láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mẹ́fà. Bí ọdún kan bá kọjá tí kò jí, wọ́n kì í retí rẹ̀ mọ́. Ní báyìí ná, wọ́n kọ́ ìyá láti máa yí orí sí ọ̀tún bí wọ́n bá ń mu omi, kí apá tó kú pa dé, kí omi gba apá tó yè. Wọ́n tún fún wọn ní eré ìdárayá ohùn. Ká ní omi ò yé ta wọ́n lórí ni, abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n ń gún sí ẹ̀gbẹ́ awẹ́ tó kú láti tì í sún mọ́ àárín. Iṣẹ́ abẹ kékeré kan sì wà tí wọ́n fi ń ki ohun líle sí ẹ̀yìn rẹ̀ fún ẹni tí ọdún kan ti kọjá lórí rẹ̀.

Kò dé ìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, omi ò ta wọ́n lórí mọ́. Ní oṣù kẹrin, wọ́n ti ń ké "ááá" fún ìṣẹ́jú àáyá 11, ẹni tó bá dúró níwájú ìsọ̀ sì ń gbọ́ wọn. Nígbà tí kámẹ́rà tún wọlé ní oṣù keje, awẹ́ ọ̀tún ń mira díẹ̀, ó ń gbọ̀n ju bó ṣe ń rìn lọ. Èyí tó gbà mí láfiyèsí bí mo ṣe ń wo inú ẹ̀rọ náà pẹ̀lú wọn ni awẹ́ òsì, tó ń kọjá ìlà àárín lọ pàdé èkejì rẹ̀ nílé. Ìyá wò ó títí.

"Tísà," ni wọ́n wí, "ṣé ti òsì yìí ló wá ń ṣiṣẹ́ ẹni méjì?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá. Wọ́n ní ìdí abájọ nìyẹn tó fi máa ń rẹ àwọn ní ọ̀sán. Ọmọ wọn obìnrin ló ń bá wọn polówó láti aago méjì lọ.